Àláàtì ti wọlé, ẹ̀rọ POS kọ̀: ọwọ́ ta ni owó náà wà?

Aláṣọ Ìtòkú:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Mo lọ gba 20,000 náírà lọ́dọ̀ oní-POS kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ó fi 400 náírà owó iṣẹ́ rẹ̀ kún un. Àláàtì wọ fóònù mi pé wọ́n ti yọ 20,400, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kọ "Declined". Ó ní kí n tún káàdì fi sí i, ẹ̀rọ sì kọ "Insufficient Funds". Kò fún mi ní kọ́bọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ báǹkì mi ni owó wà. Mo pe báǹkì, wọ́n ní ọ̀dọ̀ oní-POS ni. Ta ni kí n gbàgbọ́ nínú wọn?

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ tẹ píìnì yín àti ìgbà tí ẹ̀rọ dáhùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti yapa.

Bí ẹ ti tẹ píìnì tán, ẹ̀rọ náà fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ yẹn ló gbé e lọ sí ojúkò tó so àwọn báǹkì pọ̀, ibẹ̀ ló sì gbà dé báǹkì yín. Báǹkì yín wo àkáǹtì, ó rí i pé owó tó, ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó rán nǹkan méjì jáde. Èkíní ni èsì tí ó gba ọ̀nà tí ìbéèrè gbà wá padà sí ẹ̀rọ. Èkejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ fóònù wá sọ́dọ̀ yín. Àwọn méjèèjì kì í rìn pọ̀. Lọ́dọ̀ yín, àtẹ̀jíṣẹ́ dé, èsì ẹ̀rọ sọnù lọ́nà. Ẹ̀rọ ní iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó lè dúró. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò kọ ọ́ síta pé kò ṣeé ṣe. Fún ìdí èyí, fóònù yín kò parọ́, ẹ̀rọ náà kò sì parọ́. Ohun tó dé etí kálukú ni kálukú sọ.

Ìgbà kejì tí ẹ fi káàdì sí i ni ó fi ohun tó pọ̀ jù hàn. "Insufficient Funds" kò wá láti inú ẹ̀rọ, báǹkì yín ló fúnra rẹ̀ dá a lóhùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ìṣẹ́jú yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti padà bọ̀ sípò, báǹkì sì wo àkáǹtì yín, ó rí i pé 20,400 kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó túmọ̀ sí pé yíyọ àkọ́kọ́ dúró, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé rìsíìtì ìgbà àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín? Mo fẹ́ mọ nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ síwájú ọ̀rọ̀ náà.

---

Ọmọ Kútọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Àláàtì ni ẹ̀rí. Bí báǹkì bá ti yọ owó, oní-POS gbọ́dọ̀ san án, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ lọ. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í lo káàdì mọ́. Mo máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn láti orí áàpù, màá fi rìsíìtì "Successful" hàn wọ́n, wọn yóò sì ka owó fún mi. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn.

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ́, ìdajì kejì ni mo ń bá yín jà sí.

Ẹ ní bí báǹkì bá ti yọ owó, ọ̀dọ̀ oní-POS ni ó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Kí owó kúrò ní àkáǹtì oníbàárà jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, kí ó dé wọ́lẹ́ẹ̀tì oní-POS jẹ́ ìgbésẹ̀ mìíràn. Láàárín méjèèjì ni owó ìyá aláṣọ ti há. Bí mo bá ka 20,000 fún un nítorí àláàtì rẹ̀, tí báǹkì sì dá 20,400 padà sí àkáǹtì rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo pàdánù, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí mo lè tètè gbé e lọ.

Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ kí ó dà bíi ti báǹkì. Ti rìsíìtì orí áàpù náà kò yàtọ̀, nítorí àwọn kan ń lo áàpù ayédèrú tí ń tẹ rìsíìtì aláràbarà jáde láìsí owó kankan lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kì í wo fóònù oníbàárà kí n tó ka owó. Mo máa ń ṣí áàpù tèmi, màá wo iye tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí iye náà kò bá gòkè, owó kò tíì dé, ohun yòówù tí fóònù oníbàárà ìbáà máa sọ. Inú máa ń bí àwọn kan, wọ́n á ní mo fi wọ́n pe olè. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Fóònù oníbàárà kò lè sọ ohun tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi ni.

Àmọ́ ibì kan wà tí oní-POS Pánṣẹ́kẹ́ yẹn ti kùnà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ń kà á gbọ́. Kò yẹ kí ó ní kí ìyá náà tún káàdì fi sí i láìkọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, èsì tí kò dé ojú ẹ̀rọ lásìkò máa ń dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwé tí a tẹ̀ jáde yóò sọ pé kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ inú áàpù yóò kọ "Successful", owó yóò sì ti wọlé sí wọ́lẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oní-POS ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ san án lójú ẹsẹ̀. Ká ní ìyá aláṣọ ní 50,000 nínú àkáǹtì ni, ìgbà kejì ìbá yọ 20,400 mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ìbá sì di méjì.

---

Bàbá Ìjàyè:

Ẹ káàsán. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo kó 50,000 náírà lọ bá ọmọdékùnrin kan ní Láfẹ́nwá pé kí ó bá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní Ìlọrin. Ó ka owó, ó tẹ nọ́ńbà, fóònù rẹ̀ kọ "Pending". Ọmọ mi ní òun kò rí nǹkan kan. Mo ní kí ó dá owó mi padà, ó ní kò ṣeé ṣe. Mo lọ sí báǹkì mi ní Ìbarà, wọ́n wo àkáǹtì mi, wọ́n ní wọn kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ni ọmọ mi tó pè pé ó ti wọlé. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fi àwọn ọmọ yìí sẹ́wọ̀n?

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Ẹ kú ìfaradà, bàbá. Tiyín yàtọ̀ sí ti ìyá aláṣọ, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń sọ báǹkì tí ènìyàn yóò lọ bá.

Nígbà tí ìyá aláṣọ lo káàdì, àkáǹtì tirẹ̀ ni wọ́n yọ owó nínú rẹ̀, nítorí náà báǹkì tirẹ̀ ni yóò gba ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin fi owó ọwọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn gba owó yín, ó sì fi owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Nínú ìwé gbogbo báǹkì, òun ni olùfowóránṣẹ́. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí báǹkì yín ní Ìbarà kò fi rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin yẹn nìkan ló lè fi ẹjọ́ náà sun iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́.

"Pending" kò túmọ̀ sí pé owó lọ, kò sì túmọ̀ sí pé kò lọ. Wọ́n ti yọ ọ́ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, báǹkì tó fẹ́ gbà á kò tíì dáhùn. Bí ó bá dá 50,000 padà fún yín ní ìṣẹ́jú yẹn, tí owó sì wọlé sọ́dọ̀ ọmọ yín ní alẹ́ bó ṣe wọlé lóòótọ́, òun ni yóò pàdánù rẹ̀. Ó tọ́ bí ó ṣe kọ̀. Ohun tí kò tọ́ ni bí ó bá jẹ́ kí ẹ kúrò níwájú rẹ̀ láìfún yín ní rìsíìtì. Ṣé ó fún yín?

---

Bàbá Ìjàyè:

Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó ní kí n lọ sílé, yóò wọlé.

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a bá ń fi owó sí àkáǹtì ẹlòmíràn, fóònù tí yóò dún kò sí níwájú wa, ó wà ní Ìlọrin. Rìsíìtì nìkan ni oníbàárà lè mú dání. Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò ni wọ̀nyí: kí oní-POS ka owó tán kí ó tó fọwọ́ kan áàpù, nígbà tí ó bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tí ó sì yan báǹkì, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì yóò jáde lójú áàpù, kí ó yí ojú fóònù sí oníbàárà kí òun náà kà á, ìgbà náà ni yóò tó tẹ píìnì tirẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá jẹ́ ti ẹni tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni ó ti rọrùn láti dúró. Lẹ́yìn píìnì, owó ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Lórí rìsíìtì tí áàpù ń gbé jáde, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní "Session ID". Ọgbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ó máa ń rí báyìí:

```
999999260312161245123456789012
```

Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún iléeṣẹ́ tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ àti àkókò: nínú èyí tí mo kọ fún àpẹẹrẹ yìí, 26 ni ọdún 2026, 03 ni oṣù kẹta, 12 ni ọjọ́, lẹ́yìn náà ni aago 16:12 àti ìṣẹ́jú àáyá 45. Méjìlá ìkẹyìn ni ó ya owó náà sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo èyí tó jáde ní àkókò kan náà. Bí ọmọ yín bá mú nọ́ńbà yìí lọ sí báǹkì tirẹ̀ ní Ìlọrin, wọn lè wá a kí wọ́n sì sọ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn tàbí kò tíì dé.

Ọmọ Kútọ̀, ohun kan náà ni mo fẹ́ sọ fún yín nípa tiransífà. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí mi tí n kò rí i, ẹ má fi àwòrán "Successful" jà mí níyàn. Ẹ fún mi ní Session ID. Èyí tó wà ní tòótọ́ ṣeé tọpa. Ayédèrú lè má ní àkókò tó bá ti rìsíìtì mu, báǹkì kò sì ní rí i.

---

Ọmọ Kútọ̀:

Mo gbọ́ ti Session ID. Ṣùgbọ́n ní ti ìyá aláṣọ, ṣé kì í ṣe pé ó ti kọjá iye tí ìjọba ní kí a gbà lóòjọ́ ni? Mo gbọ́ pé Báǹkì Àpapọ̀ ti fi gbèdéke sí i.

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Gbèdéke wà lóòótọ́. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti ní kí oníbàárà kan má gbà ju 100,000 náírà lọ lóòjọ́ lọ́dọ̀ àwa oní-POS, kí owó tí oní-POS kan yóò san jáde lóòjọ́ má sì kọjá 1,200,000. Ṣùgbọ́n 20,000 jìnnà sí i. Bí báǹkì bá sì kọ̀ nítorí gbèdéke, nọ́ńbà 61 ni yóò kọ sójú ẹ̀rọ, kò sì ní yọ owó, nítorí pé ó kọ̀ kí ó tó yọ ọ́.

---

Aláṣọ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti padà lọ bá oní-POS Pánṣẹ́kẹ́ náà, ó bá mi tún rìsíìtì àkọ́kọ́ tẹ̀. 91 ni wọ́n kọ síbẹ̀, aago 4:12 ìrọ̀lẹ́. Ó ṣí áàpù rẹ̀ lójú mi, 20,400 náà kò sí nínú owó tó wọlé fún un. Ó kọ "Failed" síwájú rẹ̀. Ìgbà kejì ni wọ́n kọ 51 sí. Títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kankan kò wọlé. 3,200 ni mo ní nínú àkáǹtì, bẹ́ẹ̀ 23,600 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Ó ti yé wa wàyí. 91 ni nọ́ńbà tí a máa ń rí nígbà tí a kò bá gbọ́ ohùn báǹkì. Kì í ṣe báǹkì ló kọ̀, a kò gbọ́ ọ ni. Nítorí náà ni 91 fi jẹ́ èyí tí owó lè ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 55 ni, píìnì ló ṣì. Bí ó bá jẹ́ 51, owó kò tó. Báǹkì ló fúnra rẹ̀ fọhùn nínú méjèèjì, kò sì yẹ kí ó yọ owó. Àpapọ̀ 91 ní àkọ́kọ́ àti 51 ní ìkejì, pẹ̀lú "Failed" nínú áàpù oní-POS, fi hàn pé owó náà ṣì wà lábẹ́ òrùlé báǹkì yín. Ọkùnrin Pánṣẹ́kẹ́ sọ òótọ́.

Iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ló yẹ kí ó ránṣẹ́ sí báǹkì yín pé kí ó dá owó padà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í pẹ́. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, 20,400 gangan ni yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "REV" tàbí "RVSL" lára rẹ̀. Owó iṣẹ́ 400 wà nínú rẹ̀, nítorí pé àpapọ̀ ni wọ́n yọ.

---

Akọ̀wé Báǹkì Òkè-Ìlẹ̀wó:

Inú báǹkì ni mo ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti ìyá yìí. Ẹni tó dáhùn fóònù pé "ọ̀dọ̀ oní-POS ni owó wà" kò wo ohunkóhun. Ó rí i pé owó ti kúrò ni, ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá, ẹ má pè wọ́n mọ́. Ẹ kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, iye owó, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì, àti àwọn méjì tó wà lórí rìsíìtì: "Terminal ID" àti "RRN". RRN yẹn ni nọ́ńbà méjìlá tí a fi ń wá a. Ẹ má kọ píìnì, ẹ má sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé owó tó há lórí POS gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Bí báǹkì yín bá kọ̀wé padà pé owó náà yọrí sí rere, ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ló sọ fún wọn pé àwọn ti san án. Ìgbà yẹn ni ẹ óò padà sí Pánṣẹ́kẹ́, kí oní-POS tún ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò.

---

Ọmọ Kútọ̀:

Wákàtí 72 pọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ọjà. Oní-POS tó mọ ìyá náà dáadáa, tó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtòkú, ó yẹ kí ó yá a ní 20,000 kí ó sì gbà á padà nígbà tí owó bá wọlé.

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Èmi kò ní ṣe é, bó ti wù kí n mọ oníbàárà tó. Owó tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀, bí mo bá yá ènìyàn méjì ní ọ̀sán kan, n kò ní rí èyí tí màá san fún ẹni tó kàn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá sì padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lè ti gbàgbé pé òun jẹ mí ní gbèsè.

---

Bàbá Ìjàyè:

Ó yẹ kí ó yá a. Abẹ́òkúta kì í ṣe Èkó, a mọ ara wa níbí. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ìyá náà fọwọ́ sí i, ó tán.

---

Aláṣọ Ìtòkú:

Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ síra lórí yíyáni, èmi kò sì ní bá a jà lórí ìyẹn. Mo ti kọ ẹjọ́ náà sí báǹkì lórí íméèlì ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo ṣí áàpù mi láti wo iye tó kù, mo sì rí 23,600. 20,400 ti padà pẹ̀lú "RVSL" lára rẹ̀, láti aago mẹ́fà àárọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kankan kò sọ fún mi títí di ìsinsìnyí. Ṣé kí n kọ̀wé sí wọn pé ó ti tán?

---

Oní-POS Ṣápọ́n:

Ẹ kọ ọ́ lónìí, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Èyí tó padà ní aago mẹ́fà ti wọlé kí ẹ tó kọ̀wé, nítorí náà kì í ṣe ẹjọ́ yín ló mú un wá. Ẹni tó ń bójú tó ẹjọ́ náà lè má wo ìyẹn, kí ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá 20,400 mìíràn padà. Bí ẹ bá rí i lójú áàpù, ẹ má ná an, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun ṣèèṣì fi owó sí àkáǹtì yín. Báǹkì fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ọ́ padà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ fún yín.

---

Akọ̀wé Báǹkì Òkè-Ìlẹ̀wó:

Òótọ́ ni. Kí ẹ sì fi àwòrán ojú áàpù tó ní "RVSL" yẹn mọ́ íméèlì náà.